Bọ́ Aago Rẹ Kí O Tó Wẹ̀

Àbúrò mi, bọ́ aago ọwọ́ rẹ ná, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí o rí 30M níbẹ̀, tàbí 3 BAR, tàbí 3 ATM. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò. Kò túmọ̀ sí pé o lè wọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ omi tó jìn tó mítà 30. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti dán irú aago bẹ́ẹ̀ wò nígbà tó ṣì wà ní tuntun, níbi tí omi tó dúró jẹ́ẹ́ ti fi agbára bẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ọwọ́ tó ń ju fìrìfìrì nínú omi kò sí níbẹ̀, ọṣẹ kò sì sí.

Nítorí náà, bí o bá rí 30M, fọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀, jẹ́ kí òjò ta sí i lára, kó parí síbẹ̀. Aago 50M lè bá ọ lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Bí o bá máa ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa tàbí tí o fẹ́ wọnú òkun, 100M ni kí o rà. Àwọn tó ń gbé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọ ìsàlẹ̀ omi ló nílò aago òmùwẹ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìlànà ISO 6425. Ti wọn yàtọ̀, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan aago ni wọ́n ń dán wò, tí wọ́n sì ń fi ìdá mẹ́rin kún agbára tí wọ́n kọ sí i lára. Ní ti aago wa lásán, wọ́n lè mú díẹ̀ nínú wọn dán wò, kí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí fún ìyókù.

Balùwẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju adágún lọ. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń dínà omi, bíi ti etí ìdérí kúlà. Ọ̀kan wà lábẹ́ gíláàsì, ọ̀kan wà lẹ́yìn, ọ̀kan sì wà nídìí orí kékeré tí a fi ń yí aago. Omi gbígbóná ń mú kí irin, gíláàsì àti rọ́bà fẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ̀ bákan náà, ooru sì tún ń mú kí rọ́bà tètè gbó. Ọṣẹ ń jẹ́ kí omi yọ́ gba ihò tí omi lásán kò lè gbà, ó sì ń fọ ọ̀rá tí wọ́n fi pa rọ́bà náà kúrò. Bí o bá wá jáde nínú ooru, tí o bu omi tútù sọ́wọ́, afẹ́fẹ́ inú aago á sún kì, á sì fa omi tó wà létí rọ́bà wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kódà 100M, bọ́ ọ kí o tó wẹ omi gbígbóná, ìbáà jẹ́ ṣáwà tàbí omi bókẹ́ẹ̀tì tí o gbé kaná nígbà ọyẹ́.

Ohun tó tún yẹ kí o mọ̀ ni ti bátìrì. Ká ní o ní aago 50M, bátìrì rẹ̀ kú, o gbé e fún ẹni tó ń tún aago ṣe. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó pààrọ̀ bátìrì, ó tẹ̀ ẹ́ pa dà, kò wo rọ́bà rárá. Láti ọjọ́ náà, má gbẹ́kẹ̀ lé 50M yẹn mọ́. Sọ fún un kó pààrọ̀ rọ́bà, kó fi ọ̀rá sílíkóònù pa á, kó sì fi ẹ̀rọ dán aago náà wò. Bí kò bá ní ẹ̀rọ, má jẹ́ kí aago náà rí omi.

Bí o bá ń fura pé omi ti wọlé, gbé aago náà sórí àwo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bí 40 dígírì, títí aago náà fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kán omi tútù ẹ̀kán kan sí àárín gíláàsì, dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí o nù ún. Bí o bá rí kùrukùru tí aṣọ kò nù kúrò, inú ló wà. Má sá a sóòrùn, má sì rì í sínú ìrẹsì. Gbé e lọ fún ẹni tó máa ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá bó bá jẹ́ omi òkun, torí iyọ̀ máa ń tètè mú kí irin dípẹtà.

Má fa orí aago náà jáde nígbà tó bá wà nínú omi, má sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Bó bá jẹ́ irú èyí tí a ń yí mọ́ra, yí i kó le kí o tó sún mọ́ omi. Bí o bá ti òkun dé, fi omi ẹ̀rọ lásán ṣàn án. Ìdè aláwọ kò gbọdọ̀ kan omi rárá, iye yòówù kí wọ́n kọ sẹ́yìn aago. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, wá ibì kan tí wàá máa gbé aago rẹ sí lóde balùwẹ̀, kí o máa bọ́ ọ síbẹ̀ kí o tó wọlé.