Àpótí Ìmọ̀: Ìwé Tó Ń Béèrè Ìṣúná Ọdún Tó Ń Bọ̀

Oṣù kìíní ni ọdún ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà akọ̀wé àgbà gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé sí àwọn olórí ẹ̀ka kí ọdún tó ku díẹ̀. Iye mẹ́ta ló ń béèrè: èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọdún yìí, èyí tó wọlé tàbí tó jáde ní tòótọ́ títí di ìparí oṣù kẹjọ, àti èyí tí ẹ̀ka ń retí lọ́dún tó ń bọ̀.

Iye ààrin yẹn ló ń tú àṣírí. Ká ní ẹ̀ka owó fi mílíọ̀nù 12 náírà sílẹ̀ fún owó ìsọ̀ ọjà, tó jẹ́ mílíọ̀nù 4 péré ló wọlé lóṣù mẹ́jọ. Ìdajì mílíọ̀nù lóṣù kan nìyẹn. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù 6 ni ọdún yóò fi parí. Bí wọ́n bá tún wá kọ mílíọ̀nù 15 (wọ́n sì máa ń dán irú rẹ̀ wò!), ẹ̀ka iṣẹ́ yóò gbé gọ́tà lé owó tí kò sí, gọ́tà yóò sì dúró lágbedeméjì. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ á dá ìwé náà padà, á ní: ìsọ̀ mélòó ló wà, èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san, àwọn wo ló ṣì jẹ gbèsè?