Ìpele Mẹ́ta Ara Ọlẹ̀ àti Ọ̀ràn Ọjọ́ Kíkà: Bí A Ṣe Ń Fi Ìgbà Wá Orísun Àlébù Àbímọ́

1. Ìfáàrà

Irú ìbéèrè kan wà tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ nípa bí ọlẹ̀ ṣe ń di ọmọ. A ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé aboyún kan lo oògùn kan ní ọjọ́ báyìí, a ó sì bi í pé ẹ̀yà ara wo ni ó lè ti ibẹ̀ bàjẹ́. Ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lè dáhùn. Èkíní ni ìpele tí ẹ̀yà ara náà ti ṣẹ̀ wá. Èkejì ni ọjọ́ tí ẹ̀yà ara náà ń mọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé èkejì ni ó sábà máa ń da olùkọ́ àti ògbufọ̀ láàmú, àti pé ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà ka ọjọ́ wà lára ohun tí ó fà á. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún bí a ti ń ná an ní ilẹ̀ Èkìtì ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n.

2. Àwọn ìpele àti orúkọ wọn

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí àtọ̀ àti ẹyin ti dàpọ̀, ara ọlẹ̀ a pín sí ìpele mẹ́ta. Àwọn kan ti dábàá pé kí a pe ìpele wọ̀nyí ní ‘awọ’. A kò fara mọ́ èyí, nítorí pé awọ ara gan-an jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde. Bí a bá pe orísun ní orúkọ ọmọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣìnà. Nítorí náà, ìpele òde, ìpele àárín àti ìpele inú ni a ó máa lò.

Láti ara ìpele òde ni awọ ìta, irun, èékánná, ọpọlọ, mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn àti iṣan ìmọ̀lára ti ń wá. Láti ara ìpele àárín ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ eegun, ẹran ara, ọkàn, ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín ti ń wá. Ìpele inú ni ó ń di ìtẹ́nú ìfun àti ti ẹ̀dọ̀fóró, òun náà ni ẹ̀dọ̀ sì ti ń hù.

Kí olùkọ́ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà ‘ọ̀pọ̀lọpọ̀’ tí a fi ṣáájú eegun. Púpọ̀ nínú eegun ojú kò ti ìpele àárín wá. Àwọn kan nínú ọmọ ìpele òde, tí wọ́n ṣí kúrò létí ibi tí ọpọlọ ti ń mọ, ni wọ́n lọ di eegun náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá há a sórí pé ‘gbogbo eegun, ìpele àárín’ yóò gba òdo nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

3. Ìpele nìkan kò tó

Bí ó bá jẹ́ pé ìpele nìkan ni ó ń pinnu àlébù, ohun kan tí ó bá ba ìpele àárín jẹ́ yóò máa mú irú àlébù kan náà wá nígbà gbogbo. Ìtàn oògùn tàlídómáìdì fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn yìí ní ilẹ̀ Jámánì fún oorun àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Àwọn aboyún sì ń lò ó fún èébì òwúrọ̀. Ní 1961, Dókítà Lẹ́ńsì ní Jámánì àti Dókítà Makiburáìdì ní Ọsirélíà, olúkúlùkù lọ́tọ̀, tọ́ka sí i pé òun ni ó wà nídìí àwọn ọmọ tí a ń bí láìlápá tàbí láìlẹ́sẹ̀ tí ó pé. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní Jámánì.

Nígbà tí wọ́n fi ọjọ́ tí ìyá lo oògùn wé àlébù ara ọmọ, wọ́n rí i pé ewu náà wà láàárín nǹkan bí ọjọ́ 20 sí ọjọ́ 36 lẹ́yìn ìdàpọ̀ àtọ̀ àti ẹyin. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà yìí lè wá sáyé láìní etí. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, apá ni yóò kàn. Bí ó bá tún pẹ́ sí i, ẹsẹ̀. Èyí bá ìmọ̀ wa mu, nítorí pé apá a máa yọ lára ọlẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ìyá kò bá fẹnu kan oògùn náà títí ìgbà yìí fi kọjá, apá àti ẹsẹ̀ ọmọ yóò bọ́. Oògùn kan náà ni, eegun apá àti eegun ẹsẹ̀ sì ti ìpele kan náà wá. Ọjọ́ ni ó yàtọ̀. Nítorí náà ni a fi ń sọ pé ìpele ń sọ ẹbí tí ẹ̀yà ara ti wá, ọjọ́ ni ó ń sọ ẹni tí ọfà yóò bà nínú ẹbí náà.

4. Ọjọ́ wo ni à ń kà?

Ibí yìí ni ìṣòro èdè ti wọlé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá sọ pé oyún pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tí ìyá rí kẹ́yìn ni ó ti ń kà. Ìwé ẹ̀kọ́ nípa ọlẹ̀ ní tirẹ̀ ń kà láti ọjọ́ ìdàpọ̀, èyí tí ó máa ń jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 14 lẹ́yìn ìyẹn fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá ní ọjọ́ 28 síra. Bí a bá ń pe méjèèjì ní ‘ọjọ́ orí oyún’, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a ó fi ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kan péré lè ya etí sọ́tọ̀ sí apá. A dábàá pé kí ‘ọjọ́ orí oyún’ dúró fún kíkà láti nǹkan oṣù, kí ‘ọjọ́ orí ọlẹ̀’ sì dúró fún kíkà láti ọjọ́ ìdàpọ̀.

Àṣìṣe kejì kéré ju èyí lọ, ṣùgbọ́n tiwa ni. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà tí a ń pè ní ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín ọjọ́ kan tí a ná an àti èkejì. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ ‘ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n’ láìṣàlàyé, ìyá àgbà kan ní Ìkọ̀lé lè kà á ní ìkà ọjà, kí ó sì fi ọjọ́ kan dín in. Ohun tí ó yẹ kí a kọ ni ‘nígbà tí ọjọ́ 28 bá ti kọjá’.

5. Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò. Wọ́n bí ọmọ kan ní ìletò kan lẹ́bàá Ọ̀yẹ́. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, mùdùnmúdùn rẹ̀ sì yọ síta. Ìyá ọkọ ní àgbo tí ìyàwó mu ní oṣù karùn-ún, ní ọjọ́ 20 oṣù keje, ni ó fà á. Ìyàwó ní òun rí nǹkan oṣù kẹ́yìn ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, ó sì máa ń wá ní ọjọ́ 28 síra. Ṣé àgbo náà ni ó fà á?

Àkọ́kọ́, ẹ̀yà ara wo ni? Ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ni, ọmọ ìpele òde. Ìpele náà a ká sókè bí ewé tí a fẹ́ fi pọ́n ẹ̀kọ, etí rẹ̀ méjèèjì a sì pàdé di ihò gbọọrọ kan. A pe èyí ní ‘fèrè ọpọlọ’, nítorí pé ‘ọ̀pá’ lè má ní ihò, ṣùgbọ́n fèrè kò lè ṣe aláìní in. Bí òkè fèrè kò bá pa dé, ọmọ kò ní ní àgbárí àti ọpọlọ tí ó pé; bí ìsàlẹ̀ kò bá pa dé, ẹ̀yìn ni yóò là.

Èkejì, ọjọ́ wo ni fèrè ń pa dé? Òkè rẹ̀ a pa dé nígbà tí ọjọ́ orí ọlẹ̀ bá tó nǹkan bí 25, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 28.

Ẹ̀kẹta, kí a wá ka ọjọ́. Ìdàpọ̀ wáyé ní nǹkan bí ọjọ́ 15 oṣù kẹta. Ìsàlẹ̀ fèrè ti yẹ kí ó pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin. Bí ọjọ́ ìdàpọ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ọjà keje tí a ná lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ 28 yóò pé. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ni ìyàwó kọ́kọ́ retí nǹkan oṣù tí kò rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó kù nígbà náà. Ní ọjọ́ tí ó mu àgbo, ọjọ́ orí ọlẹ̀ ti di 127, ìyẹn ni pé ó ti tó ọjọ́ 99 tí ó ti yẹ kí fèrè pa dé. Ìdáhùn ni pé àgbo ọjọ́ náà kọ́ ni ó la ẹ̀yìn ọmọ. Ilẹ̀kùn tí kò tì láti oṣù kẹrin, ẹni tí ó dé ní oṣù keje kọ́ ni ó ṣí i.

6. Ibi tí ìmọ̀ yìí mọ

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí kò jẹ̀bi ni ọjọ́ fi hàn wá. Kò fi ẹni tí ó jẹ̀bi hàn. Ẹ̀yìn lílà lè ti inú ìran wá, ó lè ti ara ìtọ̀ ṣúgà ìyá wá, ó lè ti ara oògùn wárápá kan wá. Nígbà púpọ̀, a kì í rí ìdí kan pàtó. A kò sì dá àgbo láre pátápátá: ọpọlọ ń dàgbà títí di ọjọ́ ìbí, nítorí náà ohun tí ó dé ní oṣù karùn-ún lè pa á lára lọ́nà mìíràn. Ní ìdà kejì, ohun tí ó bá kan ọlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ìpele mẹ́ta tó yà, sábà máa ń pa á tàbí kí ọlẹ̀ borí rẹ̀ láìní àlébù. Bí nǹkan oṣù obìnrin kò bá sì wá déédéé, ọjọ́ ìdàpọ̀ tí a fojú bù lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ yẹ̀. Nígbà náà, àwòrán inú tí a yà ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni a ó fi tún un ṣe.

Ìṣirò kan náà ni ó ṣàlàyé ọ̀ràn fólíìkì ásíìdì. Ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991 fi hàn pé, fún àwọn obìnrin tí wọ́n ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, mílígíráàmù 4 lójúmọ́ dín àtúnṣẹlẹ̀ rẹ̀ kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí oyún tó dúró ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Fún obìnrin tí kò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, mílígíráàmù 0.4 lójúmọ́ ni a là sílẹ̀, láti ìgbà tí ó bá ti ń retí oyún títí di ọ̀sẹ̀ 12. Aboyún tí ó kọ́kọ́ gbà á ní ilé ìwòsàn ní oṣù kẹrin yóò rí àǹfààní rẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Fèrè ọpọlọ ọmọ rẹ̀ ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, ògbufọ̀ tí ó bá túmọ̀ ìlànà yìí sí ‘kí aboyún lo fólíìkì ásíìdì’ ti pàdánù kókó rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ ni ‘kí obìnrin tí ó ń retí oyún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó’.