Kí Ẹ Tó Tún Fi Fọ́tò Náà Ránṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta àgbọn ní ọjà Agbálátà, ní Àgbádárìgì. Ó ya fọ́tò ọjà rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù sí oníbàárà rẹ̀ ní Múṣin. Lọ́jọ́ kẹjọ, oníbàárà pè é: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò rí fọ́tò yẹn mọ́. Ẹ tún fi ránṣẹ́."

Kí ìyá dúró ná. Kó kọ́kọ́ ṣí ibi tí àwọn méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀, kó wo ohun tó kù níbẹ̀.

Bó bá rí "You deleted this message", a jẹ́ pé orí foonu tirẹ̀ ni wọ́n ti pa á rẹ́. Ó lè jẹ́ ọmọ tó ń fi foonu ṣeré ló ṣe é. Ó sì lè jẹ́ ìyá fúnra rẹ̀, torí pé iye owó ọjà ti yí padà. Bó bá jẹ́ ti owó, fọ́tò àtijọ́ kọ́ ló yẹ kó lọ.

Bí fọ́tò bá wà níbẹ̀ lójú oníbàárà, àmọ́ tó ṣú, tí ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ sì wà lára rẹ̀, kò sọnù. Foonu kò tíì gbà á wọlé ni. Kí oníbàárà wò ó bóyá dátà ti tán, tàbí àyè inú foonu ti kún. Àwọn ará Sẹ̀mẹ̀ mọ òmíràn: foonu á lọ fà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, dátà á sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ti ìyá wa yìí, kò sí nǹkan kan tó kù níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lọ́jọ́ náà pàápàá ti lọ. Ó tẹ orúkọ oníbàárà lókè, ó wá "Disappearing messages", ó sì bá "7 days" níbẹ̀. Ọ̀ràn náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ló lè tẹ̀ ẹ́. Látìgbà náà, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kì í kọjá ọjọ́ méje. Bí ìyá bá tún fi fọ́tò ránṣẹ́ láìfọwọ́ kan ibẹ̀, á tún pòórá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó tẹ "Off". Ìyẹn kò lè dá èyí tó ti lọ padà, èyí tó ń bọ̀ nìkan ni kò ní jẹ́ kó pòórá.

Ó wá wọ ibi tí foonu ń kó fọ́tò sí, torí pé ohun tó pòórá lórí Wásáàpù ṣì lè wà níbẹ̀. Ó bá méjì tó jọra: àgbọn tí wọ́n ti bó, àti èyí tó ṣì wà nínú èèpo. Owó wọn kò dọ́gba, nítorí náà ó bi oníbàárà léèrè èyí tó ń fẹ́ kó tó fi ránṣẹ́.

Bí àmì kan ṣoṣo bá wà lábẹ́ fọ́tò lẹ́yìn náà, kò tíì dé foonu ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ má tún fi ránṣẹ́. Ẹ dúró de àmì kejì.