Aṣọ Ẹbí àti Ìdánimọ̀ Ènìyàn nínú Àwòrán

1. Ìfáàrà

Ní Adó-Àwáyè, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí tí ó bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà a máa yan aṣọ kan náà fún tọkùnrin tobìnrin. Ìsẹ́yìn tí àwọn ahunṣọ ti ń hun ẹtù, sányán àti àlàárì kò jìnnà sí wọn. Bí ayẹyẹ bá parí, àwòrán ni ó ń kù sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọmọ ilé a gbé e jáde, a sì béèrè ẹni tí olúkúlùkù jẹ́. Ìyá rẹ̀ a dárúkọ wọn kíákíá. Ní ti ọmọ, gbogbo wọn a jọ ara wọn. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò.

2. Àmì ìdánimọ̀ àti àmì ìyàtọ̀

Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Àmì ìdánimọ̀ ni ohunkóhun tí ojú lè rí lára ènìyàn: gíga, ìrísí ojú, aṣọ. Àmì ìyàtọ̀ ni irú àmì bẹ́ẹ̀ tí kò rí bákan náà lára ẹnìkan àti ẹnìkejì. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú èdè. Ohùn ni ó ya igba, igbá àti ìgbà sọ́tọ̀. Bí ohùn kan náà bá wà lórí gbogbo wọn, ohùn ṣì wà, ṣùgbọ́n kò ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aṣọ ẹbí ń ṣe sí aṣọ.

Ká ní ènìyàn 40 wà nínú àwòrán, tí wọ́n wọ oríṣi aṣọ 8, ènìyàn 5 fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ aṣọ tí ẹni tí ó ń wá wọ̀, ènìyàn 5 péré ni yóò yẹ̀ wò. Bí ìdílé ọkọ 20 bá wọ oríṣi kan, tí ìdílé ìyàwó 20 wọ òmíràn, yóò yẹ 20 wò. Bí gbogbo wọn bá wọ ọ̀kan ṣoṣo, 40 náà ni yóò yẹ̀ wò. Aṣọ wá ń sọ ìdílé tí ènìyàn ti wá. Kò sọ ẹni tí ó jẹ́.

3. Ìwọ̀n ojú àti ààlà ara

Ó lè dàbí ẹni pé ojú nìkan tó láti fi dá ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 10 bá tò lórí ìlà kan nínú àwòrán tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ ni ó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ojú kò sì ju bí ìdá mẹ́ta èjìká lọ. Nítorí náà mìlímítà 5 ni ojú yóò fẹ̀. Aṣọ tí ó bo àyà dé ìbàdí gba àyè tó ìlọ́po mẹ́sàn-án èyí tí ojú gbà. Àmì tí ó tóbi jù lọ nínú àwòrán ni ó di àmì tí kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ààlà ń sọnù. Max Wertheimer ṣàlàyé ní ọdún 1923 pé ohun tí ó jọra ni ojú ń kó pọ̀ ṣe ọ̀kan. Èjìká ẹni iwájú àti àyà ẹni ẹ̀yìn a wá dàbí aṣọ kan tí a tẹ́ sílẹ̀.

4. Ìmọ́lẹ̀

Bí kamẹ́rà bá ń wọn ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán lápapọ̀, ohun tí ó gba àyè jù ni ó ń tẹ̀ lé. Bí léèsì funfun bá kún inú àwòrán, kamẹ́rà a dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú àwọn ènìyàn a sì ṣókùnkùn. Bí ó bá jẹ́ ẹtù dúdú, a fi kún ìmọ́lẹ̀, ojú a sì lè mọ́ jù. Ìrísí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń parẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì. A lè mọ̀ ọ́n báyìí: bí iṣẹ́ ọ̀nà ara léèsì bá hàn kedere, ṣùgbọ́n tí ojú dàbí òjìji, orí aṣọ ni kamẹ́rà ti wọn ìmọ́lẹ̀.

5. Ojú tí a mọ̀ àti ojú àjèjì

Kí ni ìdí tí ìyá fi mọ̀ wọ́n, tí ọmọ kò mọ̀ wọ́n? Ní ọdún 1979, Ellis, Shepherd àti Davies tẹ ìwádìí kan jáde. Ní ti ojú àwọn olókìkí, ẹyinjú, imú àti ẹnu wúlò fún ìdánimọ̀ ju irun àti etí ojú lọ. Ní ti ojú àjèjì, ọ̀kan kò ju èkejì lọ. Àjèjì nílò irun àti ìrísí orí ju ojúlùmọ̀ lọ. Àwọn gan-an ni gèlè àti fìlà bò. Aṣọ ẹbí kò dí ojúlùmọ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ni ó ń dí lọ́wọ́.

6. Ìgúnlẹ̀

Aṣọ ẹbí kò sọ gbogbo ìyàtọ̀ nù: ìdúró, ìlẹ̀kẹ̀ àti bí wọ́n ti wé gèlè ṣì wà níbẹ̀. Kí ayàwòrán wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú ènìyàn, kì í ṣe láti ara aṣọ. Kí ẹbí sì kọ orúkọ sí ẹ̀yìn àwòrán láti òsì sí ọ̀tún, ìlà lẹ́yìn ìlà, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Bí ìyá náà bá ti lọ, ìdílé nìkan ni aṣọ yóò máa sọ.