Kọ́là Mi Ń Yọ Ìléròrò Lẹ́yìn Ìfọṣọ: Irú Sitéè Wo Ni Kí N Máa Rà?

Ìbéèrè

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Ochanja níbí ní Onitsha ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun àwọn akọrin ìjọ àti sẹ́nétọ̀ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an tán, kọ́là á dúró ṣánṣán, inú oníbàárà á sì dùn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú kọ́là á yọ ìléròrò, etí kọ́ọ̀fù á ká sókè, báńdì ṣòkòtò sẹ́nétọ̀ á sì máa ṣẹ́ po níwájú ikùn. Gọ́ọ̀mù sitéè tó le jù lọ́jà ni mo ń rà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo fi ń lo áyọ́ọ̀nù nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé sitéè ni kò dáa ni, àbí ọwọ́ mi?

*Aránṣọ, Ochanja*

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìrójú àwọn oníbàárà. Ó dára tí o ṣàlàyé tó báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ àti ti ìfọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ti jẹ́ kí n mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́là tó dúró dáadáa lọ́jọ́ tí o rán an, tó wá bàjẹ́ nígbà tó fojú kan omi, kì í ṣe sitéè líle ló ń fẹ́. Ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló ṣe é: yálà gọ́ọ̀mù kò yọ́ wọ inú aṣọ tó, tàbí aṣọ àti sitéè ń súnkì ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀ síra, nítorí náà jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí tó ń bá ọ fà á.

Gba ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ti bàjẹ́ padà lọ́wọ́ oníbàárà. Fi èékánná mú orí ìléròrò kan, kí o sì rọra fà á sókè. Bí aṣọ bá gbéra tí sitéè sì dúró sísàlẹ̀, tí ibi kan ṣí tí ibi kan ṣì lẹ̀ típẹ́, ooru tàbí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni kò tó. Bí ó bá wá jẹ́ pé gbogbo ojú kọ́là ló rí wínníwínní láti etí kan dé èkejì, tú ojú rírán rẹ̀, yọ sitéè náà, kí o tẹ́ ẹ lé pátánà tí o fi gé e. Bí sitéè bá ti kéré ju pátánà lọ, súnkì ni ọ̀rọ̀ rẹ.

Mo fura gan-an pé súnkì ló ń bá ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ jà. Aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ́pọ̀ lọ́jà, àdàlù pọlisítà àti òwú ni, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Sitéè kọ́là líle tí a hun, òwú ló sábà máa ń jẹ́, òwú tí omi kò sì tíì kàn máa ń súnkì. Ká ní kọ́là rẹ gùn tó íǹṣì 16. Bí sitéè bá súnkì ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, yóò dín ní nǹkan bí ààbọ̀ íǹṣì, nígbà tí aṣọ orí rẹ̀ kò dín rárá. Ààbọ̀ íǹṣì aṣọ tó ṣẹ́ kù yẹn kò ríbi lọ, ó ní láti wú sókè. Bí o bá ra sitéè tó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣe ni yóò túbọ̀ fà á pẹ̀lú agbára.

Ohun tí o máa ṣe kò nira. Kí o tó gé sitéè òwú, rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, má ṣe pò ó, má sì fún un. Jẹ́ kí omi náà tutù fúnra rẹ̀, kí o wá fi sitéè kọ́ sí òjìji títí yóò fi gbẹ. Má ṣe lọ̀ ọ́, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ fúnra rẹ̀ ni òwú, bí áńkárá tàbí kọ́tìnnì gidi, òun náà gbọ́dọ̀ rí omi kí o tó gé e. Bí o kò bá mọ̀ bóyá òwú ni, fi iná ran fọ́nrán rẹ̀ díẹ̀: òwú á jó bíi bébà, á sì di eérú, pọlisítà á yọ́, á sì di kóró líle. Sitéè oníbébà, èyí tí a kò hun, kì í súnkì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣẹ́, ojú ibẹ̀ kì í parẹ́, ó sì máa ń ya nínú ìfọṣọ. Má lò ó fún kọ́là tí wọn yóò máa fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó kan bí sitéè ṣe yẹ kó nípọn tó. Ibi mẹ́ta tí o dárúkọ kò lè jẹ irú kan náà, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára kò dọ́gba. Kọ́là nìkan ló lè gba sitéè tó nípọn ju aṣọ rẹ̀ lọ, torí pé òun ló ń dá dúró láìsí ohun tó gbé e ró. Fi sitéè náà sí ara aṣọ òkè, èyí tí ojú ń rí, kí o sì gé e ní ìwọ̀n kọ́là tó ti parí, láìfi àyè rírán kún un. Bí sitéè líle bá wọ inú ojú rírán, ṣónṣó kọ́là kò ní yọ, yóò kàn rí rogodo ni. Bí o bá fẹ́ kí ṣónṣó náà mú dáadáa, lẹ ègé kékeré kan kún un níbẹ̀.

Kọ́ọ̀fù ń fẹ́ sitéè tó fẹ́lẹ́ ju ti kọ́là lọ díẹ̀, nítorí ó ní láti tẹ̀ yí ọrùn ọwọ́ ká. Tí o bá fi sitéè kọ́là sínú kọ́ọ̀fù, aṣọ òkè yóò máa ṣẹ́ lójú ibi tó ti tẹ̀, gọ́ọ̀mù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti ibẹ̀. Ojú ẹyọ kan ṣoṣo ni kí o lẹ̀ ẹ́ sí, ìyẹn ojú ìta.

Báńdì ṣòkòtò ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Ìfàgùn ni báńdì ń bá jà, nítorí bẹ́líìtì ń fà á, ikùn ń tì í, òógùn sì ń rin ín. Gé sitéè tí a hun ní gígùn etí aṣọ rẹ̀, torí fọ́nrán tó bá etí lọ ni kì í nà. Sitéè aláàbọ̀ líle ti tó. Sitéè tó le ju ìyẹn lọ yóò ṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá jókòó, ìyẹn gan-an sì ni ohun tí o ń rí níwájú ikùn àwọn oníbàárà rẹ. Rán etí sitéè náà mọ́ ojú rírán òkè àti ti ìsàlẹ̀, kó má bàa jẹ́ gọ́ọ̀mù nìkan ló gbé e ró. Bí sẹ́nétọ̀ náà bá ní rọ́bà lẹ́yìn, jẹ́ kí sitéè dúró síbi tí rọ́bà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù ló kù. Gọ́ọ̀mù ń fẹ́ ooru, àkókò àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gọ́ọ̀mù ara sitéè fẹ́lẹ́ sábà máa ń yọ́ dáadáa ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 120 sí 140 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ti sitéè kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì sì lè fẹ́ 150 sí 170. Áyọ́ọ̀nù iná tó wọ́pọ̀ ń fẹ́ 1,000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò sì lè gbé e láìrẹ̀wẹ̀sì. Bí fólítì bá já wá sí 160 dípò 220, agbára tó ń dé inú áyọ́ọ̀nù yóò kù sí nǹkan bí ìdajì. Gbàrà tí o bá gbé e lé aṣọ tútù, ooru rẹ̀ á lọ, kò sì ní tètè padà. Gọ́ọ̀mù yóò kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ fẹ́rẹ́, o ó sì rò pé ó ti mú. Omi ló máa wá tú àṣírí rẹ̀.

Nítorí náà, kó iṣẹ́ lílẹ sitéè jọ de ìgbà tí iná bá wà, tàbí kí o lo áyọ́ọ̀nù eléèédú. Eléèédú wúwo, ìyẹn sì wúlò fún ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dán ooru rẹ̀ wò lórí àkísà. Orí tábìlì líle tí o tẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ni kí o ti ṣe é, nítorí fóòmù máa ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Lọ aṣọ fúnra rẹ̀ kó gbóná díẹ̀, dojú gọ́ọ̀mù kọ ẹ̀yìn rẹ̀, da aṣọ tí o rin díẹ̀ bò ó. Gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí o sì fi ara tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Má ṣe wọ́ ọ. Gbé e sókè, kí o gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kó gun ojú ti àkọ́kọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà yí i padà, kí o tún un ṣe láti ojú aṣọ. Kaṣimíà sẹ́nétọ̀ tó ní pọlisítà máa ń dán bí ooru bá pọ̀, nítorí náà má yọ aṣọ ìbòjú kúrò lórí rẹ̀.

Bí o bá parí, má fọwọ́ kàn án títí yóò fi tutù pátápátá. Gọ́ọ̀mù tó ṣì gbóná ṣì rọ̀. Bí o bá gbé e nígbà náà, ohun tí o ti lẹ̀ yóò tún ṣí.

Kí o tó gé iṣẹ́ akọrin tó ń bọ̀, ṣe ìdánwò kan. Gé aṣọ náà ní íǹṣì 8 ní gígùn àti 4 ní fífẹ̀, lẹ sitéè tó gùn tó o mọ́ ọn, kí o jẹ́ kó tutù. Fa igun rẹ̀. Bó bá ṣí wẹ́rẹ́, fi ìṣẹ́jú àáyá 5 kún àkókò rẹ lórí òmíràn. Bí gọ́ọ̀mù bá yọ jáde sójú aṣọ, tó ń dán tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, dín ooru kù. Èyí tó bá mú, fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná bí àwọn oníbàárà rẹ ṣe ń fọ̀ ọ́, máa lọ̀ ọ́ láàárín, kí o wá wọ̀n ọ́n. Bó bá ti dín tó ìdámẹ́rin íǹṣì, tàbí tó bá wú, má lo sitéè yẹn fún aṣọ yẹn. Kọ orúkọ aṣọ, irú sitéè, ooru àti àkókò sára èyí tó bá yege, kí o so ó mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́, èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò mú nìkan ni o lè tún lẹ̀ bí mo ṣe sọ yìí, bí aṣọ òkè rẹ̀ kò bá tíì nà. Èyí tí sitéè rẹ̀ ti súnkì, lílọ̀ kò lè tún un ṣe. Tú kọ́là náà, kí o sì rán òmíràn fún oníbàárà pẹ̀lú sitéè tí o ti rẹ sínú omi.