Túúlu Oṣù: Ẹ Sọ Ọ̀rá Oògùn Yẹn Sílẹ̀

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Ìsánlú tó ń yan gaàrí. Bó bá ti ku ọjọ́ kan tàbí méjì kí nǹkan oṣù rẹ̀ dé, iná abẹ́ agbada rẹ̀ á kú. Á fi ọ̀já gba orí le dan-in, á ti fèrèsé, á ní kí àwọn ọmọ má pariwo. Apá òsì orí rẹ̀ á máa lù kìkì, bí ẹni ń gúnyán nínú rẹ̀. Kò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, òórùn èéfín lásán á sì mú un bì. Ọmọ rẹ̀ á sáré dé kẹ́míìsì, á gba ọ̀rá kékeré kan bọ̀: hóró funfun méjì, pupa kan, oníyẹ̀lò kan, àti ọ̀kan aláwọ̀ méjì. Kò sí orúkọ lára ọ̀kankan. Ẹni tó tà á ti ní ibà ni.

Nítorí ọ̀rá yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ibà kì í ka ọjọ́ oṣù obìnrin kó tó wá. Ẹ̀fọ́rí tó ń dé lóṣooṣù, tó ń dúró de ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, túúlu ni, nǹkan oṣù ló sì ń fà á.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Họ́mọ̀nù kan wà lára obìnrin tó ń jẹ́ ẹsitirojẹ́ẹ̀nì. Ó máa ń gòkè, ó sì máa ń sọ̀ láàárín oṣù. Bí oyún kò bá dúró, á já wálẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé, èyí sì ni ọpọlọ obìnrin tó ní túúlu kì í gbà. Lọ́dún 1972, dókítà kan ní Ọsirélíà, Sọ́máfíìlì, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí èyí. Ó fún àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ní abẹ́rẹ́ ẹsitirojẹ́ẹ̀nì nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n rí nǹkan oṣù. Ẹ̀jẹ̀ dé lásìkò rẹ̀, àmọ́ ẹ̀fọ́rí ò dé. Ìgbà tí họ́mọ̀nù abẹ́rẹ́ náà wá tán lára wọn lorí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Nígbà tó lo họ́mọ̀nù kejì, purojẹ́sítírònì, ẹ̀jẹ̀ ló pẹ́ kó tó dé, orí ò pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fọ́ni lórí, jíjá tí ẹsitirojẹ́ẹ̀nì já wálẹ̀ ni.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Awọ inú ilé ọmọ tó fẹ́ wó máa ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ló ń mú inú run nígbà nǹkan oṣù, ó sì ń dá kún ẹ̀fọ́rí. Ìdí rèé tí oògùn bí aibuprofẹ́ẹ̀nì fi máa ń ran inú àti orí lọ́wọ́ pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rá. Nọ́ọ̀sì kan bá wa tú u wò. Pupa yẹn, daikilofẹ́náàkì ni. Aláwọ̀ méjì, pirọ́sikáàmù. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, inú ni wọ́n ń bà jẹ́, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó gbé wọn mì pọ̀. Oníyẹ̀lò jẹ́ fítámì lásán, kò ṣe orí ní nǹkan kan. Funfun kan jẹ́ parasitamọ́ tí wọ́n po kaféènì mọ́. Funfun kejì, nọ́ọ̀sì náà ò mọ̀ ọ́n, àwa náà ò sì mọ̀ ọ́n títí di òní. Ẹni tó bá ń lo irú ọ̀rá báyìí, tí ìgbẹ́ rẹ̀ wá dúdú bí ọ̀dà, ọgbẹ́ ti wà nínú ikùn rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Kó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Ìbàjẹ́ tó burú ju ìyẹn lọ kì í sì hàn bọ̀rọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta lóṣù ni obìnrin yìí ń lo ọ̀rá. Lọ́dún kejì ó di mẹ́jọ. Nígbà tó yá, kò sí ọjọ́ tí orí kì í fọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ́jọ́ tí kò gbé nǹkan mì. Oògùn alápòpọ̀ tí èèyàn ń lò tó ọjọ́ 10 lóṣù fún oṣù mẹ́ta lé díẹ̀, tàbí parasitamọ́ tàbí aibuprofẹ́ẹ̀nì lásán tó ọjọ́ 15, òun gan-an á wá di ohun tó ń fọ́ orí náà. Bí oògùn bá ti ń kúrò lára, orí á tún bẹ̀rẹ̀, èèyàn á tún gbé òmíì mì.

Dókítà ní kó dá ọ̀rá dúró pátápátá. Bíi ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ le gan-an. Ó ní wọ́n fẹ́ pa òun ni. Lẹ́yìn náà ẹ̀fọ́rí ojoojúmọ́ lọ, ti oṣù nìkan ló kù. Ìgbà náà ló mú kàlẹ́ńdà ìsìnkú bàbá ọkọ rẹ̀ tó wà lára ògiri, ó ń fi bírò fa òbìrípo sí ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dé, ó sì ń fa àgbélébùú sí ọjọ́ tí orí bá fọ́. Ẹ̀jẹ̀ dé ní 14 oṣù kẹta, 11 oṣù kẹrin, àti 9 oṣù karùn-ún. Àgbélébùú bẹ̀rẹ̀ ní 12, 10, àti 7. Bí orí bá ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì ṣáájú ẹ̀jẹ̀ sí ọjọ́ kẹta tí ẹ̀jẹ̀ wà, ó kéré tán nínú oṣù méjì lára mẹ́ta, túúlu oṣù ni. Tirẹ̀ kò yẹ̀ rárá.

Nítorí pé ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni oṣù rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé 6 oṣù kẹfà ni èyí tó kàn. Láti 4 títí di 8, dókítà ní kó lo napurọ́síìnì 500 mílígíráàmù láàárọ̀ àti lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ọjọ́ márùn-ún péré, ó parí títí di oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí oṣù rẹ̀ kì í lọ déédéé kò lè ṣe èyí. Aibuprofẹ́ẹ̀nì 400 mílígíráàmù ni ó máa lò gbàrà tí orí bá mú un, kó tó le débi tó ń bì. Àmọ́ kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée, àrùn kíndìnrín, tàbí tó fura pé òun lóyún, má fọwọ́ kan méjèèjì láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Ẹni tó ní túúlu oṣù kò sì gbọ́dọ̀ febi panú lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, torí ebi nìkan tó láti pe túúlu wá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ló kù. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kí orí tó fọ́, wọ́n á kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣẹ́jú wòìwòì bíi mànàmáná, tó ń gbòòrò díẹ̀díẹ̀, tó sì lè tó ìṣẹ́jú ogún sí wákàtí kan. Ọwọ́ ẹlòmíràn á kú tipiri. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lo hóró ìfètòsọ́mọbíbí tó ní ẹsitirojẹ́ẹ̀nì nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sí ipò tó le jù nínú ìlànà wọn, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọpọlọ, kí rọpárọsẹ̀ dé bá ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò túmọ̀ sí pé kó má fètò sí ọmọ bíbí. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta àti èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá kò ní ẹsitirojẹ́ẹ̀nì nínú.

Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ẹnu bá wọ́, bí orí bá fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí àrá sán, tàbí tí ọrùn bá gan pẹ̀lú ibà, ẹ má dúró ní kẹ́míìsì. Ẹ wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn míṣọ́nnárì ní Ẹ̀gbẹ́, tàbí Kàbà, lọ́jọ́ náà. Bó bá sì jẹ́ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lẹ fẹ́ gbà, kí ẹ tó na ọwọ́ gba páálí náà, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní gbangba pé: “Màmá, mànàmáná máa ń ṣáájú orí mi.”