Ẹni Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Wá, Ìbò Di Mẹ́tàdínlógójì

Àìlàdí ọ̀rọ̀ ló pa Elémpe ìṣáájú tó ní igbá wúwo ju àwo lọ. Ta ni kò mọ èyí? Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tí kò la ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni yóò padà wá mú un. N kò ní fi òwe gba àkókò yín, torí ohun tó ń bí mi nínú wà lórí tábìlì níwájú mi: ojú ìwé mọ́kànlá tí akọ̀wé ẹgbẹ́ tuntun kan ní Mushin kọ nípa ìpàdé tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò ni. Tiransifọ́mà, gọ́tà àti géètì ẹnu òpópónà ló kó wọn jọ. Wọ́n ṣe ìpàdé nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n yan olóyè, wọ́n fọwọ́ sí ìwé òfin, wọ́n jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n túká. Wọ́n wá kó ìwé lọ sọ́dọ̀ Àjọ CAC láti forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì kéde nínú ìwé ìròyìn méjì bí òfin ṣe là á kalẹ̀. Ọjọ́ 28 ni òfin fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ko irú ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọkùnrin tó fìdí rẹmi nínú ìdìbò alága ti kọ̀wé pé ìdìbò náà kò mọ́.

Àbúrò mi kan tí wọ́n fi ṣe akápò ló gbé ìwé ìpàdé náà wá. “Ẹ bá wa wò ó, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ohun tí a ò kọ síbẹ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Akọ̀wé kọ ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ àti ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Ó kọ orúkọ ẹni tó yá wọn ní jẹnẹrétọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé tí onílé kan sọ sí ayálégbé kan, ó sì kọ èsì tí ayálégbé náà fọ̀, tí n kò lè tún sọ níbí. Ojú ìwé mẹ́ta gbáko ló fi kọ àríyànjiyàn lórí bóyá ayálégbé lè di alága. Ibi tí ó wá parí rẹ̀ sí ni: “Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ awuyewuye, a fẹnu ọ̀rọ̀ jóná.” Síbo? Ṣé ayálégbé lè jẹ alága ni àbí kò lè jẹ ẹ́? Gbogbo ẹni tí mo bi, kálukú ló ní èsì tirẹ̀.

Lórí ìdìbò, gbólóhùn kan péré ló kọ: alága tuntun ní ìbò 20, ẹnì kejì ní 17. Mo ka àwọn tó fọwọ́ sí ìwé pé àwọn wá sípàdé. Wọ́n jẹ́ 31.

Ẹ ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú mi. Ogún àti mẹ́tàdínlógún jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Ìbò fi mẹ́fà lé lórí iye àwọn tó fọwọ́ sí ìwé, bẹ́ẹ̀ ìbò mẹ́ta péré ni alága fi borí. Ẹni tó fìdí rẹmi kò nílò lọ́yà, òǹkà ọmọ kékeré ti tó o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò sì burú: èèyàn mẹ́fà ni òjò dá dúró, wọ́n dé nígbà tí ìpàdé ti wọra, wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n dìbò, kò sẹ́ni tó gbé ìwé ìfọwọ́sí fún wọn. Ìlà kan péré ni ìbá gbà wọ́n: “Ní aago 5:10, àwọn mẹ́fà wọlé, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, àwọn tó wà níjókòó di 37.” Akọ̀wé tó kọ ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ kò rí èyí kọ.

Ìṣòro kejì fara sin ju èyí lọ. Wọ́n dìbò yan olóyè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé òfin. Òùngbẹ oyè ti ń gbẹ àwọn èèyàn, wọ́n ní kí ìdìbò kọ́kọ́ lọ. Ìwé òfin ló ń dá ipò sílẹ̀. Bí kò bá tíì sí ìwé òfin, ipò wo lẹ ń dìbò sí? Nígbà tí wọ́n wá ka ìwé òfin náà, ó ní igbákejì akọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kò yàn, kò sì ní ipò alukoro tí wọ́n ti fi ẹnì kan jẹ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Alukoro náà ti ra aṣọ oyè.

Bí ìpàdé àkọ́kọ́ ṣe ń lọ rèé, bó bá wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò tíì sí alága, nítorí náà ẹnì kan yóò dábàá pé kí lágbájá darí ìjókòó, ẹlòmíràn yóò gbè é lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí yóò máa kọ̀wé. Fúngbà díẹ̀ ni àwọn méjèèjì, kí ìwé ìpàdé sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ló kàn. Wọn yóò kà á, wọn yóò tún ibi tó bá yẹ ṣe, wọn yóò wá dìbò lé e lórí. Kí akọ̀wé má kàn kọ pé “gbogbo wa gbà á.” Kí ó kọ ọ́ báyìí: “A fọwọ́ sí ìwé òfin alábala 14 tí a pín lónìí, pẹ̀lú àtúnṣe kan ní abala 6, pé onílé àti ayálégbé ni wọ́n lè dupò. Àwọn 27 fọwọ́ sí i, 2 kọ̀ ọ́, 2 kò dá sí i.” Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti méjì àti méjì jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó bá iye àwọn tó wà níjókòó mu. Kí wọ́n so ẹ̀dà ìwé òfin náà gan-an mọ́ ìwé ìpàdé, kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí ojú ìwé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí mo ti rí ẹgbẹ́ tí ìwé òfin mẹ́ta wà nílẹ̀, tí kálukú ní tọwọ́ òun ni ojúlówó.

Lẹ́yìn èyí ni oyè. Ẹni tí kò dupò kankan ni yóò darí ìdìbò. Fún ipò kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé kọ ẹni tó dábàá, ẹni tó gbè é lẹ́yìn, pé ẹni tí wọ́n dárúkọ gbà láti dupò, àti iye ìbò tí oníkálukú ní. Bí ẹnì kan ṣoṣo ló jáde, kí ó kọ pé kò ní alátakò. Alága tuntun yóò wá gba àga, kí akọ̀wé sì kọ aago tó gbà á, torí àṣẹ tó bá pa ṣáájú ìgbà náà kì í ṣe àṣẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ jù ni ti ìforúkọsílẹ̀. Òfin CAMA ọdún 2020 béèrè ìwé ìpàdé tí wọ́n fọwọ́ sí, tó ń fi hàn pé ìpàdé náà yan àwọn alábòójútó, pé ó pàṣẹ kí wọ́n lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó sì sọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti iye ìbò. Alábòójútó yàtọ̀ sí alága àti akápò. Orúkọ wọn ni ìjọba yóò mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kí ìpàdé tún fọwọ́ sí abala tó sọ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìkan ni owó àti dúkìá ẹgbẹ́ wà fún, pé a kò ní pín in bí èrè fún ọmọ ẹgbẹ́. Nínú ojú ìwé mọ́kànlá yìí, n kò rí ọ̀kan nínú wọn. Ilé alága ni wọ́n ti mú orúkọ alábòójútó lẹ́yìn ìpàdé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní 1934 nítorí pé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yábàá kò tó ohun tí wọ́n ń fẹ́. Òun ló di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní 1936. Ní 1941, ìjókòó kan ṣófo ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ernest Ikoli àti Samuel Akinsanya ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, Akinsanya ló mókè, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn adarí fa Ikoli kalẹ̀. Ìjà náà fọ́ ẹgbẹ́: Akinsanya lọ dá dupò, Azikiwe bá tirẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ náà kò sì padà bọ̀ sípò. Ìwé òfin tí kò bá sọ yékéyéké láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ta ló ni àṣẹ ìkẹyìn láàárín gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti ìgbìmọ̀, ó ti dá ìjà sílẹ̀.

Níbí ni èmi àti òwe Elémpe ti ní aáwọ̀. Àìlàdí ni ó ní ó pa èèyàn. Ní ìpàdé, àlàdí náà ń pani. Akọ̀wé Mushin yìí la ìdí ohun gbogbo, àlàyé rẹ̀ ló sì fún alátakò ní ohun ìjà: èébú tí ó kọ sílẹ̀ ni wọ́n gbé lọ pé ìpàdé náà kò létò. Ìpinnu ni kí ẹ là yékéyéké, kí ẹ fi àríyànjiyàn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni mo yọ sílẹ̀: bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n kọ ọ́ pé òun kò fara mọ́ ìpinnu kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ìpinnu náà, kó tán.

Mo ní kí wọ́n má tún ìwé náà kọ. Akọ̀wé ti fẹ́ jókòó sílé fi orúkọ mẹ́fà kún àwọn tó wá, ayédèrú nìyẹn. Wọ́n fa ìwé wọn padà, wọ́n tún ìpàdé pè, wọ́n sì tẹ̀lé ètò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ló tún wọlé alága, ìbò méjì péré ló fi borí lọ́tẹ̀ yìí, alátakò rẹ̀ sì fọwọ́ sí èsì náà. Alukoro kò rí ipò kankan. Nítorí pé orúkọ alábòójútó kan yí padà, wọ́n tún san owó ìkéde ìwé ìròyìn méjèèjì, àbúrò mi akápò sì ṣì ń wá ẹni tí yóò dá owó àkọ́kọ́ padà sápò ẹgbẹ́.